Igi Tó Gbọ́dọ̀ Di Ìtàkùn Kó Tó Lè Dúró

Òfin igi ìwádìí inú kọ̀ǹpútà kò le. Nọ́ńbà tó bá kéré ju ti oríkèé tó bá pàdé lọ á gba apá òsì, èyí tó bá jù ú lọ á gba apá ọ̀tún. Ẹni tó bá ń wá nǹkan níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti orí igi, á sì máa pa apá kan tì ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Wàhálà dé nígbà tí àwọn nọ́ńbà bá tò wọlé ní ìtẹ̀léra. Tí 1 bá kọ́kọ́ wọlé, tí 2 tẹ̀ lé e, tí 3 tẹ̀ lé ìyẹn, ọ̀tún nìkan ni gbogbo wọn á máa gbà, igi á sì di ohun gbọọrọ kan tí kò ní ẹ̀ka. Bí àkọsílẹ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, ẹni tó ń wá èyí tó kẹ́yìn á kọjá lára gbogbo wọn. Igi tó dúró dáadáa kò ní ju ìpele 20 lọ fún iye kan náà.

Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn ni pé ká da gbogbo rẹ̀ sínú àtòjọ mìíràn, ká sì fi kọ́ igi tuntun. Ọgbọ́n ni, àmọ́ ó ń fẹ́ àyè ìpamọ́ kejì. Ní 1976, Colin Day fi ọ̀nà kan hàn tí kò nílò àyè bẹ́ẹ̀. Ní 1986, Quentin Stout àti Bette Warren tún un ṣe kí ìpele tó kẹ́yìn lè máa kún láti òsì. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ba igi náà jẹ́ pátápátá kó tó tún un ṣe.

Ìbàjẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìtàkùn. A ó fi oríkèé òfìfo kan sókè orí igi, ká ní òun ni ìrù ìtàkùn tí a ti tò, a ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún. Oríkèé tí kò bá lọ́mọ lápá òsì ti wà ní ààyè rẹ̀, òun náà á di ìrù, a ó sì kọjá. Èyí tó bá lọ́mọ lósì, a ó yí i. Ká ní 5 ni bàbá, 3 ni ọmọ rẹ̀ lósì, 4 sì wà lápá ọ̀tún 3. Lẹ́yìn yíyí, 3 á gòkè, 5 á bọ́ sápá ọ̀tún rẹ̀, 4 á sì di ọmọ òsì 5. Ètò kò dàrú, torí 4 ju 3 lọ, kò sì tó 5.

```
omo = baba.osi
baba.osi = omo.otun
omo.otun = baba
iru.otun = omo
```

Ẹni tó bá gbé ìlà kẹta ṣáájú ìkejì ti kó sí yọ́ọ́yọ́ọ́: 5 á di ọmọ ara rẹ̀, 4 á sọnù, ètò náà á sì máa yí láìdúró. Bí a bá yí i bó ṣe tọ́, yíyí kọ̀ọ̀kan ń fi oríkèé kan kún ìtàkùn, kò sì sí èyí tó ń kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà kò fi ní pẹ́ ju iye oríkèé lọ.

Ó wá ku kíká ìtàkùn náà padà. Ẹ jẹ́ ká mú oríkèé 9, tí a to láti 1 dé 9. A ó fi 1 kún iye wọn, ó di 10. Nínú 1, 2, 4, 8, 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú, 8 ló tóbi jù tí kò ju 10 lọ. Yọ 8 kúrò nínú 10, ó ku 2. Yíyí 2 la ó kọ́kọ́ ṣe, sápá òsì lọ́tẹ̀ yìí: 1 á bọ́ sábẹ́ 2, 3 á bọ́ sábẹ́ 4. Oríkèé 7 ló kù lórí ìtàkùn: 2, 4, 5, 6, 7, 8, 9. Ìdajì 7, láìka àjẹkù, jẹ́ 3, nítorí náà a ó ṣe yíyí 3. Bí 2 ṣe ń lọ sábẹ́ 4, ó gba 3 tó wà níbẹ̀ ṣe ọmọ ọ̀tún. 5 lọ sábẹ́ 6, 7 lọ sábẹ́ 8. Ìdajì 3 jẹ́ 1, yíyí kan ló kù: 4 lọ sábẹ́ 6, ó sì gba 5 sápá ọ̀tún. Ó parí. 6 wà lórí, 4 àti 8 tẹ̀ lé e, 2, 5, 7 àti 9 wà nísàlẹ̀ wọn, 1 àti 3 sì wà nísàlẹ̀ pátápátá lápá òsì. Ìpele 4 péré, yíyí 6 la sì fi ṣe é.

A kò fi nọ́ńbà kankan wé òmíràn ní gbogbo ìgbà tí a ń ká a, iye oríkèé nìkan la mọ̀. Ohun tí ìtàkùn wà fún nìyẹn: igi tó wọ́ lè wọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, àmọ́ ìrísí kan ṣoṣo ni ìtàkùn ní. Bí ẹni tó ń kà á bá wá ṣi iye yẹn kà, ìrísí tó máa jáde kò ní tọ́.

Ètò yìí kì í ṣọ́ igi lẹ́yìn tó bá ti parí. Bí àwọn nọ́ńbà tuntun bá tún ń tò wọlé ní ìtẹ̀léra, igi á tún wọ́. Nítorí náà, ibi tó dára fún jù ni ìgbà tí a bá kó ẹrù àkọsílẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìwádìí nìkan ló sì kù. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó ń wá nǹkan nínú igi náà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ ka àwọn nọ́ńbà láti òsì dé ọ̀tún ṣáájú, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́yìn. Bí àtòjọ méjèèjì bá yàtọ̀ ní ibì kan ṣoṣo, ẹ padà lọ wo ìlà mẹ́rin yẹn.