Tún Ìlà Òkun Ṣe Kí O Tó Gbé Ìyàwó Sí I

Tọkọtaya kan fẹ́ kí n gbé fọ́tò wọn tí mo yà nínú ilé sí etí òkun Àgbádárìgì. Lẹ́ńsì tó ń kó ibi gbígbòòrò ni mo fi ya òkun náà. Ìlà tí omi ti pàdé ojú ọ̀run tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ó sì tún dà sí ọ̀tún.

Ọ̀pọ̀ wa la máa ń kọ́kọ́ yí fọ́tò kó lè dọ́gba. Àṣìṣe nìyẹn, torí ìlà tó tẹ̀ kò dà ní iye kan náà níbi gbogbo. Títẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú Photoshop, ṣí Lens Correction, kí o fa Remove Distortion títí ìlà yóò fi gún bí okùn tí a nà. Má tíì gé etí fọ́tò o: àárín fọ́tò ni ètò náà kà sí àárín lẹ́ńsì.

Lẹ́yìn náà, fa Ruler láti ìpẹ̀kun ìlà kan dé ìkejì, kí o tẹ Straighten Layer. Fọ́tò mi fẹ̀ tó píksẹ́lì 6000, ọ̀tún sì fi 105 relẹ̀: bíi dígírì 1. Má fi ibi tí omi ti kan iyanrìn wọ̀n ọ́n; ìyẹn ń jìnnà sí wa lọ ni, dídà rẹ̀ kì í ṣe àléébù.

Dígírì 1 kéré, àbí? Ṣùgbọ́n ká ní mo ti gbé ìyàwó sórí rẹ̀ ná, tí mo wá yí òkun nìkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kúrò lórí iyanrìn. Bí mo bá sì yí méjèèjì pọ̀, òun náà yóò dà.