Ajá, Ẹja àti Ọ̀rọ̀ 25

"Adé lọ sí ọjà." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, kò sì sí èyí tó le nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ ìtàn kékeré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá, tó sì pinnu pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ni òun yóò sọ, gbólóhùn yìí kò bá a mu. Adé ti lọ. Ohun tó ti kọjá ni olùkọ́ ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló fi ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ kọ́ ìwé kíkà. Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un pé "ó lọ" yàtọ̀ sí "ó ń lọ". Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìtàn ni yóò fi kọ́ èdè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà bí àsìkò bá yí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe, bíi jẹ, rà tàbí sá, tó sì dá wà, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló máa ń tọ́ka sí. "Ń" ló ń mú un wá sí ìsinsìnyí. Àwọn mìíràn, bíi wà, fẹ́ àti mọ̀, kò nílò "ń", nítorí ipò tí nǹkan wà ni wọ́n ń sọ: "Adé wà ní ilé" túmọ̀ sí pé ó wà níbẹ̀ báyìí.

Àìgbà tún ní wàhálà tirẹ̀. "Màmá kò se ẹ̀wà" kò jẹ́ òdì-kejì "Màmá ń se ẹ̀wà" gan-an, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọjọ́ kan ló kọjá tí màmá kò dáná. Nítorí náà, "kò sí" ló dára fún ìtàn ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe ṣiṣẹ́ níbí:

Adé wà ní ilé. Màmá ń se ẹ̀wà. Ebi ń pa Adé. Adé ń wo ìkòkò. Ajá wà ní ẹnu ọ̀nà. Ebi ń pa ajá. Ajá ń wo Adé. Bàbá ń bọ̀. Ẹja wà ní ọwọ́ bàbá. Adé ń wo ẹja. Ajá ń wo ẹja. Ẹja kò sí ní ọwọ́ bàbá! Ajá ń sá lọ. Adé ń sunkún. Màmá ń rẹ́rìn-ín.

Gbólóhùn 15 ni, ọ̀rọ̀ 61. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 25 ni wọ́n, orúkọ Adé wà nínú wọn. "Ń" fara hàn nígbà 11. Kò sí ibi tí a ti sọ pé ajá jí ẹja, nítorí "jí" ì bá sọ ìtàn náà di ti àná. Ẹja wà lọ́wọ́ bàbá, lẹ́yìn náà kò sí mọ́; òǹkàwé fúnra rẹ̀ ló ń mú olè.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò lè tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. "Pa" wà nínú pa iná, pa irọ́ àti pa ẹran. Bí ẹni tó ti kọ́ "pa ẹran" bá rí "ebi ń pa ajá", ó lè rò pé ajá ti fẹ́ kú. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni kí olùkọ́ mú, kí ó sì kọ́ "ebi ń pa" gẹ́gẹ́ bí odindi. Bákan náà ni kí ó kọ "ní ilé", kí ó má kọ "nílé", títí ojú akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ní ọdún 2000, Marcella Hu àti Paul Nation tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé kí ènìyàn tó lè ka ìtàn ní ìrọ̀rùn láìsí ìrànlọ́wọ́, ó yẹ kó mọ nǹkan bí 98 nínú ọ̀rọ̀ 100. Nínú ìtàn ọ̀rọ̀ 61, ẹyọ kan péré ni èyí fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ "ìkòkò", nítorí màmá ti ń dáná kí a tó dárúkọ rẹ̀. Àwọn 24 yòókù ni kí ẹ fi àwòrán àti eré kọ́ ọmọ kí ẹ tó fún un ní ìwé. Bí ó bá kà á tán, ẹ bi í léèrè ibi tí ẹja wà.