Bí Ọmọ Kò Bá Jẹun Mọ́, Òbí Ni Yóò Gba Ìdarí

Anorẹ́síà ni àìsàn tí ń mú ọ̀dọ́ fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù sísanra. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, Christopher Dare, Ivan Eisler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìtọ́jú kan kalẹ̀ tó fi iṣẹ́ náà lé òbí lọ́wọ́. Ìpele mẹ́ta ló ní, ó sì sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan.

Ìpele kìíní ló le jù. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin ọdún 15 kan ṣe àpẹẹrẹ. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi tí wọ́n fi ní láti dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kejì, àwọn òbí gbé oúnjẹ wá, gbogbo ilé sì jókòó jẹun níwájú olùtọ́jú. Ọmọ náà ti oúnjẹ sẹ́yìn. Bàbá ní kó jẹ ìdajì, ìyá ní kó jẹ ẹ́ tán. Olùtọ́jú tọ́ka sí i pé àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni àìsàn náà ń gbà sá. Ó ní kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n sọ ohun kan ṣoṣo: "Jẹ ẹ́, ọmọ wa." Òkèlè kan péré ju ohun tó fẹ́ jẹ lọ ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bá a jà, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò ṣọ́ ọ. Ìtùnú ni tirẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni olùtọ́jú ń wọn ọmọ náà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi nǹkan bíi kílò 2.3 kún un kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, ìrètí pọ̀ pé yóò bọ̀ sípò.

Nígbà tó bá ń jẹun láìsí ìjà, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ti tó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 èyí tó yẹ ẹ́, ìpele kejì bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá ìdarí padà: ó lè jẹ́ ìpápánu iléèwé lákọ̀ọ́kọ́. Bí ìwọ̀n bá já, àwọn òbí á gba ìpápánu náà padà láìbá a wí. Kíkánjú níbí ló ń dá àìsàn padà. Ìpele kẹta kúrú: ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, ẹ̀kọ́ àti dídàgbà ni wọ́n ń sọ, nítorí oúnjẹ kì í ṣe ìṣòro mọ́.

Ohùn ẹgbẹ́ olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Onímọ̀ oúnjẹ tó bá ń bá ọmọ náà dúnàádúrà nípa oúnjẹ ń gba agbára lọ́wọ́ òbí. Àwọn òbí ni kó máa gbà nímọ̀ràn.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 lórí ọ̀dọ́ 121, ìdá 49 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú yìí ló bọ̀ sípò pátápátá ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdá 23 péré ni ti àwọn tí wọ́n tọ́jú ní àwọn nìkan. Ó ku ọ̀pọ̀ tí kò tó fún. Nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ kẹrin bá dé tí kílò 2.3 kò pé, ẹ má ṣe dúró: ẹ tún gbogbo ilé pè síbi oúnjẹ kan sí i, kí ẹ sì ran àwọn òbí lọ́wọ́ kíákíá.