Ìṣirò Tí Kò Rántí Ọdún 2016

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦471 lánàá rẹ̀ parí ọjọ́ náà ní nǹkan bíi ₦664. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan jẹ gbèsè 100,000 dọ́là, gbèsè ọ̀hún fi ₦19.3 mílíọ̀nù wú láàárín ọjọ́ kan.

Ìṣirò tí àwọn olówò fi ń wọn ewu lójoojúmọ́, èyí tí a lè pè ní iye-inú-ewu, kò lè rí èyí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á mú 250 ọjọ́ ìṣòwò tó kọjá, wọ́n á ṣírò èrè tàbí àdánù tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ìbá mú wá, wọ́n á sì tò ó láti orí èyí tó burú jù. Bí wọ́n bá dúró lórí àdánù kẹtàlá, wọ́n á ní àdánù ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju iye yìí lọ, àfi ní nǹkan bí ọjọ́ kan nínú ogún. Ṣùgbọ́n kí oṣù Kẹfà yẹn tó dé, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni owó dọ́là ìjọba ń mì. Bí ibi tí ìṣirò dúró sí bá jẹ́ 50 kọ́bọ̀, ₦50,000 péré ni yóò pè ní ewu gbèsè náà. Kò parọ́ o. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Bí ọjọ́ kan tó ṣẹ́kù nínú ogún yẹn ṣe lè burú tó, kò sí nínú ìdáhùn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ìnira ti wúlò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 2016, dọ́là fò láti ₦197 sí nǹkan bíi ₦282, ìyẹn ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbé ìdá kan náà lé ₦471 á rí nǹkan bíi ₦674, àdánù tó lé ní ₦20 mílíọ̀nù. Ọdún 2016 ti jìnnà kọjá 250 ọjọ́, ìṣirò ojoojúmọ́ ti gbàgbé ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́jà dúdú, dọ́là ti kọjá ₦700 kí ìjọba tó ṣe ohunkóhun.

Dọ́là nìkan kọ́ ló ń mì nígbà tí ìlú bá le. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí ìtàn: náírà já, ọjà wọ́n, báńkì àpapọ̀ gbé èlé sókè. Ká ní ilé-iṣẹ́ yìí ní bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́wàá ₦30 mílíọ̀nù tó ń san ìdá 14. Bí èlé ọjà bá dé 19, bọ́ǹdì ₦100 kò ní tà ju nǹkan bíi ₦78 lọ, ₦6.5 mílíọ̀nù tún ti lọ. Àpapọ̀ ti ń sún mọ́ ₦27 mílíọ̀nù, a ò sì tíì ka àwọn oníbàárà tí kò ní lè san owó wọn.

Àléébù ìtàn ni pé kò sọ bó ṣe ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tó, ọ̀gá tó bá fẹ́ sùn dáadáa sì lè yan èyí tó rọ̀. Nítorí náà, iye-inú-ewu ni kí wọ́n fi máa ṣọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí wọ́n fi ìtàn díwọ̀n owó ìpamọ́. Bí ilé-iṣẹ́ wa bá ní ₦15 mílíọ̀nù nípamọ́, àkọ́kọ́ á ní ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìkejì á ní kí wọ́n tètè san díẹ̀ nínú gbèsè dọ́là náà.