Oògùn èébì ló yí ọrùn àbúrò mi, kì í ṣe ọwọ́ ayé

Ọmọ ọdún 19 ni àbúrò mi obìnrin. Ibà ń ṣe é, èébì ò jẹ́ kó jẹun, ló bá ra mẹtoklopramáìdì ní kẹ́míìsì àdúgbò. Wọ́n ní kó lo hóró méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ yí sókè, kò lè dá a padà. Màmá wa figbe ta pé ayé ti ṣe é.

Nígbà tá a dé ọsíbítù, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Oògùn wo ló lò?" Mo fi páálí ẹ̀ hàn án. Ó gún un lábẹ́rẹ́ kan, kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọrùn fi padà sípò.

Kí ló fà á? Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamíìnì. Ó wà lára ohun tó ń mú èèyàn bì, oògùn yìí sì ń dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n dopamíìnì yìí náà ló ń bá ọpọlọ darí iṣan ara. Tí oògùn bá dí i lọ́wọ́ jù, iṣan á máa fà. Ọmọdé àti ọ̀dọ́, pàápàá obìnrin, ló máa ń ṣe jù. Kò jọ gìrì: ẹni náà ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ.

Hóró kan sábà máa ń jẹ́ 10 mílígíráàmù. Àgbàlagbà tó bá tẹ̀wọ̀n ju 60 kílò lọ kò gbọ́dọ̀ ju hóró kan lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kó má sì ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Wákàtí mẹ́fà ó kéré tán ló yẹ kó wà láàárín ìkan sí ìkejì, kódà tẹ́ ẹ bá bì í jáde. Ẹ ṣírò ti àbúrò mi wò: 60 mílígíráàmù lóòjọ́, ìlọ́po méjì! Ó tún máa ń kunni lóorun, torí náà ẹ má wakọ̀.

Ẹni tó ní wárápá tàbí àìsàn Pákínsìn kò gbọ́dọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹni tó ń lo oògùn àrùn ọpọlọ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ná. Tí ikùn bá wú, tí ìgbẹ́ àti ìsó ò jáde, ìfun lè ti dí. Ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Dọmpẹridóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ, torí náà kì í sábà yí ọrùn, ṣùgbọ́n kò dáa fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Tí ọrùn bá yí, ẹ dá oògùn náà dúró, ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ mú páálí dání lọ sí ọsíbítù. Ní báyìí, ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ tọ́jú àbúrò mi, orúkọ oògùn yẹn ló kọ́kọ́ máa ń sọ.