Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Yóò Ti Gé Páànù

Níbi tí wọ́n ti ń gé páànù ìbolé, ọ̀bẹ máa ń bá páànù sáré, a sì gé e láìdúró. Táyà kékeré kan tó ń yí lórí páànù ló ń wọn gígùn rẹ̀. Ẹnkódà tó wà ní ìdí táyà náà ń tan iná, ó ń pa á, lórí wáyà méjì, A àti B. Títàn àti pípa kan ni pọ́ọ̀sì kan. B máa ń tẹ̀lé A. Bí páànù bá fà sẹ́yìn, B á ṣíwájú, kántà á sì yọ iye náà kúrò.

Ká ní àyíká táyà jẹ́ mílímítà 500, tí ẹnkódà sì ń mú pọ́ọ̀sì 1000 wá ní ìyípo kan. Bí kántà bá ń ka gbogbo ìgbà tí A tàbí B bá tàn tàbí tó kú, ìyípo kan di 4000, ẹyọ kan sì jẹ́ mílímítà 0.125. Téèpù kò lè rí ìyẹn, nítorí náà n kò rí ìdí láti ra ẹnkódà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páànù mítà 3.6 jẹ́ 28800.

Bí páànù bá ń lọ ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá, pọ́ọ̀sì 2000 ni yóò máa wọlé lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Ètò tó ń lo mílísẹ́kọ́ńdù 10 láti yípo lẹ́ẹ̀kan yóò pàdánù wọn. Ìdí nìyẹn tí Siemens S7-1200 fi ní kántà oníyára tó ń dá ka tirẹ̀. Ẹnu wáyà mẹ́fà àkọ́kọ́ lè gba 80,000 irú pọ́ọ̀sì A àti B bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan ní fílítà tó ń dènà ariwo iná, mílísẹ́kọ́ńdù 6.4 ni wọ́n sì ṣètò rẹ̀ sí láti ilé iṣẹ́. Pọ́ọ̀sì tiwa kì í tàn ju mílísẹ́kọ́ńdù 0.25 lọ, fílítà á sì kà á sí ariwo. Bí o bá ń fi ọwọ́ yí táyà jẹ́jẹ́, kántà á máa kà dáadáa. Bí iṣẹ́ bá gbóná, á dúró gbagidi. Máíkírósẹ́kọ́ńdù 10 tó fún un, lórí A àti B.

Bí iye bá pé, kí kántà fúnra rẹ̀ dá ètò dúró, kí ọ̀bẹ lọ lójú ẹsẹ̀:

```
"Obe":P := TRUE;
#Gige := #Gige + 28800;
"HSC_DB"(HSC := "Local~HSC_1",
  RV := TRUE, NEW_RV := #Gige);
```

Mo fi kún iye náà ni, n kò dá kántà padà sí òdo, kí ìwọ̀nba tó kọjá nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́ má baà sọnù.

Bí páànù kan bá gùn tí èyí tó tẹ̀lé e sì kúrú, ọ̀bẹ ń dúró de ìyípo ètò, tàbí táyà ń yọ̀. Bí gbogbo wọn bá kúrú bákan náà, tí àìpé náà sì ń pọ̀ bí páànù ṣe ń gùn, táyà ti jẹ. Bí téèpù bá ka 3589 dípò 3600, sọ 28800 di 28888.