Òdo Iwájú Nínú Nọ́ḿbà Òṣìṣẹ́

Ẹni tó bá ti tọ́jú ìwé owó oṣù rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa. Wọ́n to orúkọ òṣìṣẹ́ sínú Excel, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ kálukú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan ń jẹ́ 7, ẹnì kan 58, ẹnì kan 412, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sì ń jẹ́ 1036. Ọ̀gá wá pàṣẹ pé kí gbogbo wọn di díjíìtì márùn-ún, bó ṣe wà lórí káàdì tí wọ́n ń gbé kọ́rùn: 00007, 00058, 00412, 01036. Akọ̀wé tẹ 00007, ó tẹ Enter, òdo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pòórá. Ó ku 7.

Excel ti ka ohun tó tẹ̀ sí iye, bí ẹni ń ka owó tàbí àpò sìmẹ́ńtì. Òdo tó bá wà níwájú iye kò fi nǹkan kan kún un, ìdí nìyẹn tó fi gé e dànù. Ṣùgbọ́n ta ní í ro nọ́ḿbà òṣìṣẹ́ méjì pọ̀? Orúkọ ni nọ́ḿbà òṣìṣẹ́. Bí a ṣe ń tọ́jú lẹ́tà orúkọ ló yẹ ká tọ́jú òdo inú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ṣe ni pé wọ́n á lọ sí Format Cells, wọ́n á mú Custom, wọ́n á kọ 00000 síbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, 7 á di 00007 lójú. Lójú nìkan ni o. Ẹ tẹ àpótí náà, kí ẹ wo ìlà fọ́múlà tó wà lókè: 7 lẹ máa bá níbẹ̀. Bí fáìlì tó ti ọ́fíìsì mìíràn wá bá kọ 00007 gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, tí ẹ sì ní kí VLOOKUP wá òṣìṣẹ́ náà kàn, `#N/A` ni yóò gbé fún yín. Ẹni náà wà nínú fáìlì méjèèjì, kọ̀ǹpútà kàn gbà pé wọn kì í ṣe ẹnì kan náà ni.

Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ kọ òdo náà wọlé ní tòótọ́. Tí nọ́ḿbà bá wà ní A2, ẹ lọ sí òpó tó ṣófo, kí ẹ kọ èyí:

```
=TEXT(A2,"00000")
```

Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá sọ òpó àtijọ́ di Text ní Format Cells, kí ẹ da èsì náà kọ, kí ẹ sì fi Paste Values lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di Text, ẹnikẹ́ni tó bá padà wá tún àpótí kan tẹ̀ lè sọ òdo ibẹ̀ nù.

Nígbà tí nọ́ḿbà bá ti di ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí iye wọn ṣe tóbi tó ló ń pinnu bí wọn yóò ṣe tò. Kọ̀ǹpútà ń to ọ̀rọ̀ láti òsì. Láìsí òdo, 1036 ni yóò ṣíwájú, 412 á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà 58, 7 á sì gbẹ̀yìn. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ márùn-ún márùn-ún, 00007 á padà sí iwájú.

Fọ́múlà kan tún wà táwọn kan fẹ́ràn, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí:

```
=RIGHT("0000"&A2,4)
```

Èyí ń mú díjíìtì mẹ́rin láti ẹ̀yìn. Ó dára títí òṣìṣẹ́ yóò fi kọjá 9999. Ọjọ́ tí 12345 bá dé, yóò gé 1 iwájú rẹ̀, ẹni náà á di 2345, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn ti ń jẹ́ 2345 tẹ́lẹ̀. Kò sí àmì kankan tí yóò kìlọ̀ fún yín. TEXT kì í gé nǹkan. Tí nọ́ḿbà bá ti gùn jù, yóò gbé e jáde bó ṣe rí, ẹ ó sì rí i pé ó yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ẹgbẹ̀rún kan kò gbọ́dọ̀ dúró lórí díjíìtì mẹ́rin.

Ibi tí òdo ti tún máa ń sọnù ni fáìlì CSV. Fáìlì náà lè ní òdo nínú pátápátá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tó ṣí nínú Excel, tí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ padà, gbogbo òdo iwájú ti lọ. Ẹ gba Data, From Text/CSV wọlé, ẹ tẹ Transform Data, kí ẹ sì sọ òpó nọ́ḿbà náà di Text kí ẹ tó kó o wọlé. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún nọ́ḿbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, àti nọ́ḿbà àkáǹtì báńkì Nàìjíríà, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ díjíìtì mẹ́wàá, tí ọ̀pọ̀ sì ń fi òdo bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó fi ìwé owó oṣù ránṣẹ́, ẹ kọ `=LEN(A2)` sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà, kí ẹ fà á délẹ̀. Àpótí tí kò bá ti gbé 5 jáde, ẹ dá fáìlì dúró títí ẹ ó fi tún un ṣe.